Ìka ta ni a fi ń wọn ìpara ẹ́ksímà ọmọ oṣù márùn-ún?

Ìyá Ọmọ Làfẹ́ńwá

Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi pé oṣù márùn-ún, kílò 7 ni. Àléfọ́ tí dókítà pè ní ẹ́ksímà mú un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ní apá méjèèjì láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́, àti ní ojúgun. Dókítà kọ ìpara oní-sítẹ́rọ́ìdì méjì sínú ìwé, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ara, ó ní kí n máa fi orí ìka wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ta oògùn ní 1% ti ojú ti tán, pé 0.05% yìí rọ̀ jù ú lọ, kí n fi pa gbogbo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n rora o. Orí ìka ọmọ ni mo fi ń wọ̀n láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ara. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán láàárín ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ojúgun kò lọ rárá. Ṣé ìka ọmọ ni àbí tèmi?

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Tiyín ni o. Ìka àgbàlagbà ni àwọn dókítà awọ ara ní ìlú Kádíìfù nílẹ̀ Wélíìsì fi ṣe òdiwọ̀n yìí nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1991, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ẹ fẹ́ pa lára. Ẹ na ìka ìlábẹ̀ yín, ẹ wá ìlà oríkèé tó sún mọ́ èékánná jù, kí ẹ wá fún ìpara láti orí ìlà yẹn títí dé ṣóńṣó ìka. Ìlà ìpara kan náà tó lọ gbọọrọ, kì í ṣe òkìtì. Ìdajì gíráàmù ni, ó lé tàbí ó dín díẹ̀. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì, tòun ti àwọn ìka rẹ̀ tí ẹ pa pọ̀, ni ó lè bò.

Orí ìka ọmọ oṣù márùn-ún kò ju bí ẹ̀wà kan lọ. Tí ẹ bá fi ìyẹn pín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá àti ẹsẹ̀, ojúgun ò rí oògùn, òórùn rẹ̀ ló gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ má tíì fi ìka yín wọn nǹkan kan. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dán ní ọjọ́ méjì pẹ̀lú ẹ̀kán ìpara tí ò tó nǹkan. Ìpara tó rọ̀ kì í yára báyẹn. Ẹ ka orúkọ tó wà lára túùbù fún mi, kì í ṣe orúkọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ fún un, àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀.

———

Bàbá Kútọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ máa dẹ́rù ba ìyàwó onílé. Ìṣirò ni ọ̀rọ̀ yìí. 0.05 kéré sí 1 ní ìlọ́po ogún. Ẹni tó ta oògùn ò parọ́. Kí ìyá fi ìka tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí ó fi pa ẹsẹ̀ dáadáa, ó parí.

Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ló ní àléfọ́. Ohun tó ń fa kí ó máa padà wá nígbà náà ni pé a ń tọ́ ìpara yẹn lá bí ẹni tó ń tọ́ ata wò. Ìgbà tí mo gbójú, tí mo fi pa wọ́n bó ṣe yẹ, ló tó lọ.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Bàbá, ẹ jàre nínú ìdajì ọ̀rọ̀ yín. Bí ìbẹ̀rù bá mú kí èèyàn fi díẹ̀díẹ̀ pa á, àléfọ́ á máa jó lábẹ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀, àpapọ̀ ìpara tí ọmọ á lò nígbẹ̀yìn á sì ju ti ẹni tó pa á bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ti ìṣirò ni kò rí bẹ́ẹ̀. Iye oògùn tí wọ́n pò mọ́ ìpara ni ìdá-ọgọ́rùn-ún yẹn ń sọ, kò sọ bí oògùn náà ṣe lágbára tó. Páìntì bíà kan àti páìntì ògógóró kan, ìwọ̀n kan náà ni, ẹ ò ní fún àlejò yín ní wọn bákan náà. Haidirokotisóònì 1% ni ó rọ̀ jù nínú àwọn tí a ń lò fún ọmọdé. Kilobẹtasóònì 0.05% lágbára níwọ̀nba. Bẹtamẹtasóònì 0.1% lágbára gan-an, a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan àfi tí dókítà awọ ara bá ń ṣọ́ ọ. Kilobẹtasóòlù 0.05% ló wà lókè pátápátá.

Ẹ tún àwọn méjì tó jẹ́ 0.05% yẹn kà. Òǹkà kan náà, orúkọ tó fẹ́ jọra, àmọ́ ìpele méjì ló wà láàárín wọn. Lára túùbù, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Tó bá jẹ́ E, sóònì ni. Tó bá jẹ́ L, sóòlù ni. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e sì máa ń ran èèyàn lọ́wọ́: ti sóònì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, ti sóòlù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P.

———

Aláró Ìtòkú

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gba ibí kọjá. Iṣẹ́ adìrẹ ni mò ń ṣe, sódà inú aró ti jẹ ọwọ́ mi, ó ń bó, ó ń ya. Sóòlù tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni dókítà fún mi, ó sì ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, orí ọmọ ń bó. Ṣé n kò lè fi díẹ̀ nínú ẹ̀ pa á lórí? Ọmọ mi náà ni, àléfọ́ a máa rìn nínú ìdílé.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Rárá o, Bàbá. Awọ àtẹ́lẹwọ́ yín nípọn bíi pátákó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún yín ní èyí tó le jù. Tí ẹ bá fi pa ọmọ tuntun, èyí tó máa wọ inú ara rẹ̀ á pọ̀ ju tiyín lọ. Èèpá orí ọmọ tuntun kì í sábà jẹ́ ẹ́ksímà, òróró díẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọ̀n ọ́n lówùúrọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, torí ìpara kankan ò lè bá sódà ojoojúmọ́ jà kó borí.

———

Ìyá Ọmọ Làfẹ́ńwá

Nọ́ọ̀sì, L ni. Ọ̀rọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. Mo mú ìwé dókítà jáde, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: E ni ti inú ìwé, B sì ni ọ̀rọ̀ kejì. Àyà mi ń já. Mo ti fi pa ọmọ mi lójú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé mo ti ba ojú rẹ̀ jẹ́?

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìka ọmọ tí ẹ fi wọ̀n ọ́n lọ́nà àṣìṣe ló gbà yín. Orí ìka ọmọ kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò pọ̀, kò sì pẹ́. Ẹ dá a dúró lónìí, ẹ gbé túùbù náà pẹ̀lú ìwé padà lọ bá dókítà yín, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi ìka yín wọn nǹkan kan lánàá nìyẹn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe rí ká ní ẹ tẹ̀ lé Bàbá Kútọ̀ pẹ̀lú túùbù yẹn.

Àléfọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè tún yọ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró. Kí ìyẹn má mú yín padà sórí túùbù yẹn.

———

Àǹtí Pánsẹ́kẹ́

Mi ò fẹ́ sọ èyí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọmọ àbúrò mi ni, oṣù mẹ́rin nígbà náà. Ara rẹ̀ pọ́n lábẹ́ pámpáàsì, wọ́n ta ìpara alápòpọ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò, ó ń pa lápálápá, ó ń pa àléfọ́. Kilobẹtasóòlù wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù méjì.

Gbogbo wa ń yìn ín pé ọmọ ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ yípo bí òṣùpá, ikùn rẹ̀ yọ, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tín-ín-rín. Ìgbà tí ẹnì kan wá sọ fún wọn pé sítẹ́rọ́ìdì ni, wọ́n bẹ̀rù, wọ́n sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kan náà. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí ọmọ fi rẹ̀, kò mú ọmú mọ́, ó ń bì. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà kan ti rí ọmọ yẹn kí ó tó di báyẹn, tó ní ọmọ dára.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Ẹ kú àjàbọ́. Ibi méjì ni ìtàn yìí ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn ìyá fetí sí i.

Pámpáàsì dà bí ìdérí ìkòkò. Ìpara tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ń wọlé sára ju èyí tó wà níta lọ. Tí a bá fi wé ìwúwo rẹ̀, awọ ara ọmọdé tún fẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà ohun tó gba ara wọlé pọ̀ fún un ju bí ì bá ṣe pọ̀ fún wa lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ́ksímà ọmọ ọwọ́ kì í fẹ́ràn abẹ́ pámpáàsì, ibẹ̀ máa ń tutù. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó jẹ ẹ́, tàbí olú kéékèèké tó ń hù lára awọ. Kí á wádìí kí á tó pa á.

Èkejì ni dídá a dúró. Ti Ìyá Làfẹ́ńwá, ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, wọ́n lè dá a dúró lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹni tó ti fi ìpara tó le pa ọmọ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó má sọ ọ́ nù fúnra rẹ̀. Ara ọmọ lè ti gbàgbé bí yóò ṣe ṣe sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ àbúrò yín fi rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ, tòun ti túùbù lọ́wọ́, kí dókítà rọra mú un kúrò lórí rẹ̀.

———

Ìyá Ìbejì Òbáńtokò

Èmi ò gbà pé kí á máa fi sítẹ́rọ́ìdì pa ọmọ lójú rárá, ìbáà rọ̀ bí òwú. Àwọn ìbejì mi lo haidirokotisóònì tí ẹ ń yìn yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé funfun bí ìgbà tí èèyàn bu èèrù lé e. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá mo ń bó ọmọ mi. Òrí ni mo padà sí, òrí àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Ó dùn mí fún yín, ìyá ìbejì. Mi ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́hìndé, nítorí náà mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ìpara tó le máa ń mú kí dúdú ara parẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àléfọ́ fúnra rẹ̀ máa ń fi àmì funfun tàbí dúdú sílẹ̀ lára wa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kódà lára ọmọ tí kò fi sítẹ́rọ́ìdì kan ara rí. Ṣé Táíwò náà lo ìpara kan náà? Ṣé tirẹ̀ funfun?

Ó kan Ìyá Làfẹ́ńwá, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n ń dúró kí àwọ̀ padà kí wọ́n tó dá ìpara dúró. Àwọ̀ lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má fi ojú wò ó, ẹ fi ẹ̀yìn ìka yín pá a. Bó bá ṣì rí ṣákaṣàka, tó nípọn, tó ní wóró wóró bí awọ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu, àléfọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jọ̀lọ̀ tí ọmọ kò sì ha á mọ́, àléfọ́ ti lọ, bó tilẹ̀ ṣì dúdú tàbí funfun. Ẹ fi ọjọ́ méjì kún un, kí ẹ dá a dúró. Ìwé òyìnbó á sọ fún yín pé kí ẹ wo ibi tó pupa. Lára ọmọ tiwa, ẹ lè má rí pupa, ẹ lè rí eérú, ẹ lè rí dúdú tó ń lọ sí ẹ̀lùú.

———

Ìyá Ìbejì Òbáńtokò

Táíwò lò ó. Tirẹ̀ kò funfun. Àmọ́ àléfọ́ Táíwò kò tó ti Kẹ́hìndé. Ẹ ti dá mi rú báyìí.

———

Ìyá Ọmọ Làfẹ́ńwá

Mo ti padà dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ó rí túùbù náà, ó mi orí. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ dára. Mo ti rí haidirokotisóònì 1% gíráàmù 15 rà ní ibòmíràn fún ojú, mo sì rí sóònì, èyí tó parí sí E, gíráàmù 15 fún ara. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni méjèèjì, ó ní kí n lo ti ara fún ọjọ́ méje kí n tó padà wá. Ó ní kí n wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, n kò lè béèrè pé mélòó mélòó.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Kí á jọ kà á. Fún ọmọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, odindi ojú pẹ̀lú ọrùn gba orí ìka 1. Odindi apá kan pẹ̀lú ọwọ́ gba 1. Odindi ẹsẹ̀ kan láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀ gba 1 àti ààbọ̀. Àyà pẹ̀lú ikùn gba 1, ẹ̀yìn pẹ̀lú ìdí gba 1 àti ààbọ̀. Tí ẹ bá pa gbogbo ọmọ látòkèdélẹ̀, 8 àti ààbọ̀ ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ó yẹ kí ẹ lò ju ìyẹn lọ lẹ́ẹ̀kan.

Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìkan, tó bá tún yọ: ìdajì orí ìka, haidirokotisóònì. Apá méjèèjì láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́: ìdajì ìdajì, ìyẹn 1. Ojúgun méjèèjì: ìdajì ìdajì, 1. Fún apá àti ẹsẹ̀, orí ìka 2 lójúmọ́ ni, gíráàmù 1. Ọjọ́ méje, gíráàmù 7.

Túùbù fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí yín. Gíráàmù 15 jẹ́ orí ìka 30. Ní ọjọ́ keje ó yẹ kí ó ku ìdajì tó lé díẹ̀. Tó bá ṣì kún, ẹ̀rù ń bà yín, oògùn ò dé ojúgun. Tó bá ti tán ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ ń fi pa ibi tí kò ní àléfọ́, tàbí ẹlòmíràn nínú ilé ń jí i pa.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹni tó ta oògùn sọ, kí wọ́n má fi dá yín láàmú. Tí ẹ bá pa á tán, kí ara máa dán díẹ̀. Tí kò bá dán, kò tó. Tó bá funfun níbi kan, ó pọ̀ níbẹ̀, ẹ tàn án.

———

Bàbá Kútọ̀

Mo gba ti L àti E yẹn, mo jẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ sọ èyí fún mi. Ìka mi gùn ju ti ìyàwó mi lọ. Ta ni kí ó wọ̀n ọ́n?

Ohun kejì, ẹnu túùbù tó wà nílé mi tín-ín-rín bí imú abẹ́rẹ́.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìka yín àti ti ìyàwó yín kò tó nǹkan tó ń pa ọmọ lára. Kí ẹni kan náà ṣáà máa wọ̀n ọ́n.

Ti ẹnu túùbù ni ìbéèrè gidi. Ẹnu tó fẹ̀ tó mílímítà 5 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n náà. Tí tiyín bá tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀, ìlà kan kò tó ìdajì gíráàmù. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: túùbù gíráàmù 15 tí ìlà rẹ̀ ju 30 dáadáa lọ kí ó tó tán, ẹnu rẹ̀ ló tín-ín-rín. Fún irú rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe òdiwọ̀n dípò ìlà, kí ẹ sì wo bóyá ara dán. Ìpara inú ike tí wọ́n ń bù pẹ̀lú ọwọ́, mi ò mọ ọ̀nà tí èèyàn fi lè wọ̀n ọ́n nílé tí yóò ṣe déédéé.

———

Ìyá Ìbejì Òbáńtokò

Òrí ńkọ́? Kí ó tó pa ìpara ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Àwa fúnra wa ń jiyàn lé ìyẹn lórí ní wọ́ọ̀dù. Èmi máa ń fi ìpara ìtọ́jú sí i lẹ́yìn ìwẹ̀, n óò dúró tó ìdajì wákàtí, kí n tó fi òrí pa gbogbo ara. Ọ̀gá mi kan ní òrí ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n má pa wọ́n tẹ̀lé ara wọn lójú ẹsẹ̀, torí òrí á gbé oògùn kúrò níbi tí ẹ fi í sí, á tẹ́ ẹ lọ síbi tí kò yẹ. Kí ẹ sì má pò wọ́n pọ̀ nínú ike kan. Ìpara ìtọ́jú ní ìwọ̀n. Òrí kò ní, ẹ lò ó bó ṣe wù yín, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ha ọmọ o.

———

Ìyá Ọmọ Làfẹ́ńwá

Ọjọ́ kẹfà nìyí. Ojúgun ọ̀tún ti jọ̀lọ̀. Ti òsì ṣì ní ibì kan tó tó kọ́bọ̀ àtijọ́ tó rí ṣákaṣàka, omi ofeefee kan ń sun níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ti ń di èèpá. Ọmọ kò gbóná. Túùbù ku bí ó ṣe yẹ, mo wò ó.

———

Nọ́ọ̀sì Ìbàrà

Omi ofeefee tó ń di èèpá, kòkòrò ti wọ ibẹ̀ nìyẹn. Ìpara yín nìkan ò ní tó. Ẹ má dúró di ọjọ́ keje, ẹ gbé e lọ lónìí. Tí ẹ bá rí ìléròrò kéékèèké tó pọ̀ lójú kan, tó ń dùn ún, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kódà tó bá jẹ́ òru, ẹ gbéra.

———

Ìyá Ọmọ Làfẹ́ńwá

A ti wà lójú ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi ló gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ nípa ìka.